Kí Dígà Tó Kan Ilẹ̀

Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ni ìwé kan ti máa ń wà nínú fáìlì ẹnjinníà, ìwé àgbéyẹ̀wò ewu. Ohun tó yẹ kí ìwé náà sọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti lóye: kí ló lè pa ènìyàn níbí, ta ló lè kàn, báwo ló ṣe lè ṣẹlẹ̀, kí la ó sì ṣe kó má baà ṣẹlẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà bá jẹ́ gbígbẹ́ yàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù omi àti kébù iná tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìbéèrè kan ni mo kọ́kọ́ máa ń fi dán irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò. Ibo gan-an ni kébù yẹn wà, báwo lẹ sì ṣe mọ̀? Bí ìwé náà bá kàn sọ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ra fún wáyà abẹ́ ilẹ̀, wọn kò tíì ṣe àgbéyẹ̀wò kankan. Lébìrà tó gbé dígà sókè kò lè fi ìṣọ́ra rí ohun tí yẹ̀pẹ̀ bò mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan ká fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Àpẹẹrẹ ni, kì í ṣe iṣẹ́ kan pàtó, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ní ìlú wa kì í bá pàdé. Àdúgbò àtijọ́ kan ní Ìbàdàn ni, irú Bódìjà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Omi ẹ̀rọ ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìbàdàn ṣáájú ìgbà náà, nítorí ọdún 1942 ni wọ́n ti ṣe ìsédò Ẹlẹ́yẹlé. Ibi tó bá ti pẹ́ báyìí, oríṣiríṣi ọwọ́ ló ti gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀: ti ìjọba, ti ilé iṣẹ́ iná, ti àwọn onílé fúnra wọn. A fẹ́ gbẹ́ yàrà tó gùn ní 60 mítà lẹ́bàá títì, kó jìn ní mítà 1.2, kó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ká fi ri páìpù omi tuntun. Ohun tí a gbọ́ ni pé páìpù omi onírin àtijọ́ kan, tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní 150 mìlímítà, ń bá ọ̀nà yàrà wa lọ ní mítà kan sí i, àti pé kébù iná 415 fólítì kan dá ọ̀nà wa kọjá ní àárín. Ní ìgun òpópónà náà, kébù 11,000 fólítì ń lọ sí tiransifọ́mà.

Gbogbo èyí jẹ́ "a gbọ́ pé". Iṣẹ́ ìwé àgbéyẹ̀wò ewu ni láti sọ ọ́ di "a rí i pé".

Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni àwòrán. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń pè, 811, àwọn tó ni páìpù àti kébù yóò sì wá fi ọ̀dà sàmì síbi tí nǹkan wọn wà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín. Ènìyàn yóò lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, yóò lọ sí ọ́fíìsì omi, yóò tún bi àwọn oníléeṣẹ́ fóònù. Bí ó bá tilẹ̀ rí àwòrán gbà, kó má gbé gbogbo ara lé e. Ọ̀pọ̀ àwòrán àtijọ́ ló wọn kébù láti ara fẹ́ǹsì, onílé sì ti lè sún fẹ́ǹsì yẹn síta láti ọdún gbọọrọ. Wọ́n ti lè bu yẹ̀pẹ̀ sí títì náà tàbí kí wọ́n ti gé e wálẹ̀, tí jíjìn tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò fi bá ti òní mu mọ́. Wáyà àti páìpù tó yà láti ojú títì wọ ilé kọ̀ọ̀kan kì í sì í sábà sí nínú rẹ̀ rárá.

Nítorí náà, olùkọ̀wé náà gbọ́dọ̀ rin ọ̀nà yàrà náà látòkè délẹ̀. Yóò wo àpótí iná ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n ń pè ní féédà píllà, yóò bi ara rẹ̀ pé kébù tó jáde nídìí rẹ̀, apá ibo ló kọrí sí? Yóò wo òpó tí kébù ti ń sọ̀ kalẹ̀ wọ ilẹ̀, ìdérí ihò fáàfù omi, mítà, àti àpá àtijọ́ lára ọ̀dà títì níbi tí wọ́n ti gbẹ́, tí wọ́n sì dí padà. Yóò bá alága ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, yóò sì wá púlọ́ńbà tó ti ń ṣe omi fún àdúgbò náà láti ọjọ́ pípẹ́ rí. Irú bàbá púlọ́ńbà bẹ́ẹ̀ a máa mọ ohun tí kò sí nínú àwòrán ìjọba kankan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tọ́ sí àyè nínú ìwé náà: ohun tó sọ, ọjọ́ tó sọ ọ́, àti ibi tó na ọwọ́ sí.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá kébù. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró díẹ̀, nítorí ohun kan wà nínú ipò iná tiwa tó ń sọ ẹ̀rọ yìí di pàkúté fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi lò ó ni kéèyàn tàn án, kó sì gbé e rìn lórí ilẹ̀, kó máa tẹ́tí. Bí iná bá ń sáré nínú kébù, agbára òòfà a yọ lára kébù náà, ẹ̀rọ yóò gbọ́ ọ, yóò sì dún. Ìṣàn iná ni ẹ̀rọ ń gbọ́, kì í ṣe kébù fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí iná ní àdúgbò lásìkò náà, kò sí ìṣàn, ẹ̀rọ kò sì ní dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kébù wà ní ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lábẹ́ bàtà ẹni tó gbé e. Bí ọ̀gá séfítì bá lọ wá kébù ní aago mẹ́wàá àárọ̀ nígbà tí wọ́n ti mú iná lọ, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò rí nǹkan kan. Wọ́n lè dá iná padà ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí àwọn lébìrà ti wà nínú yàrà. Kódà bí iná bá wà, tí àwọn ilé kò bá fà á púpọ̀, tàbí tí ìṣàn inú fẹ́ìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba, ariwo náà a lọ sílẹ̀ gan-an.

Ẹ̀rọ náà ní ọ̀nà mìíràn. Ó lè gbọ́ ìró rédíò tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá, tí irin gígùn abẹ́ ilẹ̀ ń gbé kiri. Èyí tó dára jù ni kékeré kejì rẹ̀, tí í ṣe afiróránṣẹ́: wọn a so ó mọ́ ara kébù tàbí páìpù irin níbi tí ó ti yọ síta, yóò máa fi ìró tirẹ̀ ránṣẹ́ sínú rẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ ènìyàn yóò sì máa tọ ìró yẹn lẹ́yìn. Kò béèrè bóyá iná wà tàbí kò sí. Àmọ́ kò sí èyí tó lè gbọ́ páìpù oníke. Bí wọ́n bá ti fi páìpù rọ́bà tàbí PVC ri omi láìfi wáyà atọ́ka kankan sí i, ẹ̀rọ yìí yóò kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Gbólóhùn tí mo fẹ́ rí nínú ìwé kò wá lè jẹ́ pé "a ti fi ẹ̀rọ wá a". Ọ̀nà wo ni ẹ lò? Aago mélòó ni, ṣé iná wà lásìkò yẹn? Ta ló lò ó, ta ló kọ́ ọ? Ìwé tó dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí wúlò fún fóòmànù. Èyí tí kò dáhùn wọn lè mú kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ níbi tí kò yẹ kó balẹ̀.

Bí wọ́n bá ti fi ọ̀dà sàmì sórí ilẹ̀ tán, ó ku ẹ̀rí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìyẹn ni kí wọ́n fi ojú rí ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ihò àyẹ̀wò ni wọ́n ń gbẹ́ fún un, ihò kékeré tí a fi ọwọ́ gbẹ́ kí iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń mójú tó ààbò níbi iṣẹ́, HSE, ní ìwé ìtọ́nà kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, HSG47, tí wọ́n tún tẹ̀ jáde ní ọdún 2014. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí katapílà má sún mọ́ ojú ọ̀nà kébù tó ìdajì mítà. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi gbẹ́ àyè náà. Wọn kì í sì gbẹ́ tààrà lórí ibi tí ẹ̀rọ ti dún. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn a jìn díẹ̀, wọn a wá fi ṣọ́bìrì ha yẹ̀pẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí wọn yóò fi ti ẹ̀gbẹ́ kan kébù náà. Dígà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pá irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Ẹnu rẹ̀ kéré, agbára tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀, ó sì ń gún ara kébù kọjá kí ẹni tó di í mú tó mọ̀ pé òun kan nǹkan kan.

Ẹni tó ń gbẹ́ gbọ́dọ̀ mọ àmì tí ilẹ̀ máa ń fún un. Bí ó bá ń gbẹ́ ilẹ̀ pupa líle, tó ṣàdédé já sínú iyanrìn rírọ̀, kó dúró, nítorí iyanrìn ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ yí kébù ká. Bí ó bá rí bíríkì tàbí pátákó kọnkéré tí wọ́n tò léra wọn lọ gbọọrọ, tàbí téèpù ọ̀rá aláwọ̀ pupa tàbí yẹ́lò tí wọ́n kọ nǹkan sí lára, ohun tí wọ́n fi ń kìlọ̀ nìyẹn, kébù kò jìnnà. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí ọ̀kan nínú wọn, kò túmọ̀ sí pé kò séwu. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ri kébù fúnra rẹ̀ kò tẹ́ nǹkan kan lé e lórí.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ihò mẹ́ta la ní kí wọ́n gbẹ́. Ihò àkọ́kọ́ wà níbi tí kébù 415 fólítì ti dá ọ̀nà wa kọjá. Àwòrán sọ pé 75 sẹ̀ǹtímítà ló jìn. Ní 50 ni wọ́n ti bá a. Ohun tó burú jù ni pé nǹkan dúdú roboto kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò sí nínú àwòrán. Èkíní sọ pé páìpù omi ni, èkejì ní kébù ni. Òfin tó yẹ kó wà nínú ìwé fún irú ìgbà báyìí kò gùn: ohunkóhun tó bá dúdú, kébù tó níná lára ni títí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò fi fi ẹ̀rọ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Páìpù rọ́bà dúdú àti kébù dúdú jọra tó bẹ́ẹ̀ tí yẹ̀pẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ wọn lára, ojú nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n lo afiróránṣẹ́ láti féédà píllà, ìró jáde lára ẹni dúdú yẹn. Kébù tí onílé kan fà wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti ya àwòrán ni.

Ihò kejì wà lórí páìpù omi onírin. Wọ́n ní mítà kan ló jìnnà sí yàrà wa. 40 sẹ̀ǹtímítà péré ló jìnnà sí i. Ihò kẹta wà ní ìgun òpópónà, níbi tí páìpù yẹn ti yà, wọ́n sì bá òkìtì kọnkéré kan lẹ́yìn ìkọ̀yà rẹ̀. A ó padà sórí òkìtì yìí, nítorí àwọn tó ń fọ́ irú rẹ̀ dànù ń fi ẹ̀mí ṣeré.

Ní báyìí tí a ti mọ ohun tó wà níbẹ̀, a lè wá fi nọ́ńbà sí ewu. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n fún bí ó ṣe rọrùn tó kó ṣẹlẹ̀ ní máàkì láti 1 dé 5, kí wọ́n fún bí ìpalára rẹ̀ yóò ṣe tó ní máàkì láti 1 dé 5, kí wọ́n sì sọ méjèèjì di púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ewu pé kí òṣìṣẹ́ ṣá kébù wò ó. Kí a tó ṣe ohunkóhun, ó rọrùn kó ṣẹlẹ̀, a fún un ní 4. Ìpalára rẹ̀ lè jẹ́ ikú, 5 nìyẹn. Mẹ́rin lọ́nà márùn-ún jẹ́ 20, iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọ ohun tí wọ́n máa ṣe: ihò àyẹ̀wò, fífi ọwọ́ gbẹ́, àmì ọ̀dà, olùṣọ́ tí yóò dúró ti katapílà.

Ìwé tí mo ti rí tí ó ṣìnà níbí yìí kò lóǹkà. Wọn a dín máàkì méjèèjì kù papọ̀, wọn a kọ 1 lọ́nà 2, wọn a ní ewu ti di 2. Èyí kò tọ̀nà. Fífi ọwọ́ gbẹ́ lè mú kó ṣòro láti ṣá kébù, kò sì lè dín ohun tí kébù yóò ṣe kù bí a bá ṣá a. Ohun tó sábà máa ń ṣe ènìyàn níbẹ̀ ni iná tó bú jáde nígbà tí irin bá gún ara kébù, tó máa ń jó ojú, ọwọ́ àti àyà ẹni tó tẹ̀ ba lé e lórí. Ìpalára ṣì jẹ́ 5. Bí a bá dín ìrọ̀rùn rẹ̀ kù sí 1, ewu náà di 5, kì í ṣe 2. Ohun kan ṣoṣo ló lè sọ ìpalára yẹn kalẹ̀, pé kí ẹni tó ni kébù náà pa iná inú rẹ̀.

Pípa iná ní ìtumọ̀ tirẹ̀. "Wọ́n ti mú iná lọ" kì í ṣe pípa iná, nítorí ẹni tó mú un lọ lè dá a padà nígbàkígbà láìmọ̀ pé ènìyàn wà nínú kòtò. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ já a láti orísun, kó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kó fi ìwé lé e lọ́wọ́ ọ̀gá iṣẹ́ wa, kó sì fi ẹ̀rọ dán kébù náà wò pé kò sí iná lára rẹ̀. Jenerétọ̀ inú àwọn ilé tó wà lórí kébù yẹn náà ní láti wọ inú ìwé. Bí onílé kan bá so jenerétọ̀ mọ́ ilé rẹ̀ láìsí ṣẹ́ńjìófà tó dára, iná tirẹ̀ yóò gba inú wáyà padà sínú kébù tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti kú. Bí ilé iṣẹ́ iná kò bá lè pa á, kí ìwé sọ bẹ́ẹ̀ kedere, kí wọ́n sì fi máàkì 5 sílẹ̀ níbẹ̀ kí gbogbo ẹni tó kà á lè mọ irú ohun tí òun ń sún mọ́.

Ewu omi kò gbajúmọ̀ tó ti iná, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ara yóò kàn tutù. Òkìtì kọnkéré tí a bá ní ìgun yẹn, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí páìpù bá ti yà, omi inú rẹ̀ máa ń fẹ́ lọ tààrà, ó sì ń ti ìkọ̀yà náà síta. Bí agbára omi bá tó báà mẹ́ta, bí ẹni pé orísun rẹ̀ ga ní 30 mítà sókè, tí páìpù tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní 150 mìlímítà sì yà ní ìgun gidi, agbára tó ń tì í tó ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì 15. Òkìtì kọnkéré náà àti ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gba agbára yẹn dúró lọ́sàn-án lóru. Bí yàrà wa bá gba ẹ̀yìn òkìtì yẹn kọjá, a ti gbẹ́ ilẹ̀ tó gbà á dúró kúrò. Oríkèé páìpù lè já láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn án, omi yóò sì ya wọ inú yàrà tí ènìyàn wà. Nítorí náà ohun tí a kọ sínú ìwé kì í ṣe pé kí wọ́n ṣọ́ òkìtì náà. A kọ ọ́ pé kí yàrà yà kúrò ní ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí kí wọ́n ti omi pa, kí wọ́n sì jẹ́ kí agbára inú páìpù jáde tán kí wọ́n tó gbẹ́ ibẹ̀.

Títi omi pa náà fẹ́ ẹ̀rí. Fáàfù tó wà nínú àwòrán lè ti wà lábẹ́ ọ̀dà títì tuntun, ó sì lè ti dípẹtà débi tí kò ní yí mọ́. Kí ìwé sọ ibi tó wà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé wọ́n ti yí i wò, omi sì dúró, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé ń fò. Wọn a kọ ewu iná sí ìlà kan, wọn a kọ ewu omi sí ìlà kejì, wọn a kọ ewu kí ẹ̀gbẹ́ yàrà wó sí ìlà kẹta, bí ẹni pé wọn kò mọ ara wọn. Nínú kòtò, ọ̀kan ló ń fa èkejì. Ilẹ̀ tí páìpù àti kébù wà nínú rẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ ẹ rí, wọ́n ti dí i padà, kò ní líle ilẹ̀ tí ọwọ́ kò kàn rí. Páìpù àtijọ́ tó ń jò lè ti mú un rọ̀ fún ọdún púpọ̀. Yàrà wa jìn ní mítà 1.2 péré, àwọn kan á sì sọ pé kò jìn tó ohun tí a ń fi pákó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró. Òfin Amẹ́ríkà tilẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti bíi mítà 1.5, bí ẹni tó mọ ilẹ̀ kò bá rí àmì pé yóò wó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń so páìpù pọ̀ nísàlẹ̀ kì í dúró, ó máa ń tẹ̀ ba ni, orí àti àyà rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ẹnu yàrà. Yẹ̀pẹ̀ tó kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní òró, ní ìbú àti ní gíga wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì 30 lọ. Bí omi bá bẹ́, yóò gbá ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yàrà lọ, ẹ̀gbẹ́ náà yóò wó lu ẹni tó wà níbẹ̀. Kébù tí ilẹ̀ náà gbé dúró yóò rọ̀, oríkèé rẹ̀ yóò máa fà, inú omi ni yóò sì já sí. Ẹnìkan lè gbé pọ́ńpù onínáná sọ sínú omi yẹn nítorí kó lè yọ ẹnìkejì rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a ti ro èyí papọ̀, ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ wa pọ̀ ju ohun tí ìlà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ìbá yí lọ. A gbé gbogbo yàrà kúrò ní ìdajì mítà, sí apá tó jìnnà sí páìpù onírin. Kò sí ọ̀nà ààbò kankan tó dára tó kéèyàn yà fún ewu. A fi pákó gbé ẹ̀gbẹ́ yàrà dúró níbi tí kébù ti dá a kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jìn. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá kó jáde kò gbọdọ̀ sún mọ́ etí yàrà ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ. Kébù méjèèjì tó bá hàn, wọ́n fi pákó àti bẹ́líìtì gbé e ró láti òkè, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí fi ọwọ́ dì í mú gòkè. Àkàbà sì wà nítòsí ẹni tó bá wà nísàlẹ̀, kó má jẹ́ kébù ni yóò fi gòkè.

Ohun tí wọn yóò ṣe bí ó bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ náà ní láti wà nínú ìwé, kí ó sì kúrú tó ohun tí ènìyàn lè rántí nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á. Bí omi bá yọ, gbogbo ènìyàn jáde kúrò nínú yàrà ná, kí ẹnikẹ́ni tó ro pọ́ńpù. Bí wọ́n bá ṣá kébù, kí wọ́n sá jìnnà, kí wọ́n má sì padà nítorí pé iná tó bú ti kú. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ààbò já iná náà ní ilé iṣẹ́ iná, àwọn tó wà lọ́hùn-ún tí wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sì lè tún un tàn láti wò ó. Awakọ̀ katapílà tí irin rẹ̀ kan kébù, kó jókòó sínú rẹ̀ títí wọn yóò fi pa iná. Bí iná bá ń jó katapílà náà, kó fò sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má ṣe kan katapílà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀. Nọ́ńbà fóònù ilé iṣẹ́ iná, ti ọ́fíìsì omi àti ti ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù gbọ́dọ̀ wà lójú ìwé náà gan-an, kì í ṣe nínú fóònù ẹnjinníà tó lè má sí níbẹ̀.

Èdè tí wọ́n fi kọ ìwé yìí tún jẹ́ ohun tó ń dùn mí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹni tí kò wọ inú kòtò ló kọ ọ́, ẹni tó sì ń wọ inú kòtò, Yorùbá, Ẹ̀gùn tàbí Haúsá ló ń sọ. Wọn a gbé ìwé fún un ní àárọ̀ pé kó tẹ ìka, yóò tẹ̀ ẹ́, wọn a sì ní ó ti gbọ́. Fóòmànù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn yóò wí. Yóò kó wọn lọ sídìí àmì ọ̀dà, yóò sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọwọ́ yín hàn wá, ibo ni katapílà gbọ́dọ̀ dúró sí?" Bí ẹ̀gbọ́n bá na ọwọ́ sí ibi tó tọ́, ìwé ti dé etí rẹ̀. Bí ó bá na ọwọ́ sí ibòmíràn, a mọ ẹni tí a ní láti tún bá sọ̀rọ̀ kí ìkankan nínú wọn tó gbé ṣọ́bìrì.

Pẹ́míìtì gbígbẹ́lẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé ìwé àgbéyẹ̀wò, ojú ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń fún un, fún ìwọ̀n gígùn yàrà tí wọ́n ti yẹ̀ wò nìkan. Bí òjò bá rọ̀ lóru, ọ̀gá iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tún ẹ̀gbẹ́ yàrà wò kí ẹnikẹ́ni tó wọlé ní àárọ̀. Bí wọ́n bá bá ohun tí kò sí nínú ìwé, bí ẹni dúdú ọjọ́sí, iṣẹ́ ibẹ̀ dúró, wọ́n ṣí ìwé, wọ́n fi ìlà tuntun sí i, wọ́n sì kọ aago. Ìwé tí kò ní àtúnṣe kankan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nínú ilẹ̀ àtijọ́ a máa kọ mí lóminú, torí ilẹ̀ náà kò lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí páìpù tuntun bá ti wà nílẹ̀, iṣẹ́ ìwé náà kù díẹ̀. Wọn yóò dá iyanrìn padà yí kébù méjèèjì ká, wọn yóò tẹ́ téèpù ìkìlọ̀ sókè wọn, wọn yóò sì wọn ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà gan-an kí yẹ̀pẹ̀ tó bò ó. Láti ara ohun tí kò rọrùn láti sún ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, bí igun tiransifọ́mà tàbí ẹsẹ̀ afárá gọ́tà, kì í ṣe láti ara fẹ́ǹsì. Kébù onílé tí kò sí nínú àwòrán, òkìtì kọnkéré ìgun, páìpù onírin tó wà ní ibi tí wọn kò sọ, àti páìpù tiwa fúnra wa, gbogbo rẹ̀ ni a fi sínú àwòrán tuntun. Ẹ̀dà kan lọ sí ilé iṣẹ́ iná, ọ̀kan sí ọ́fíìsì omi, ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ alága lándílọ́ọ̀dù àdúgbò.